Ta Ló Ń Lé Ọ?

Ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, ọmọ àǹtí mi tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa ní Ìbàdàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó dé, ṣùgbọ́n ó mọ orin. Orin tí èmi gan-an kò tíì gbọ́ rí, òun ti mọ̀ ọ́n kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ inú orin sí, Yorùbá lápá òsì, Gẹ̀ẹ́sì lápá ọ̀tún. Lálaalẹ́ ni yóò gbé ìwé náà wá bá mi, tí yóò ní, "Bùrọ̀dá, kí ni ìtumọ̀ èyí?" Èmi náà á sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo fún un, nítorí pé mo fẹ́ tètè padà sídìí bọ́ọ̀lù tí mò ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ó padà, ó wọlé lọ bá Ìyá Àgbà ní yàrá. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, bí a ṣe kọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Màmá, mo fẹ́ já pa lọ́la."

Ìyá Àgbà wò ó títí. "Já pa? Ta ló ń lé ọ? Kí ni a fi ṣe ọ́ nílé yìí?"

Ọmọ náà kò mọ ohun tí yóò sọ. Ó rò pé òun kò pe ọ̀rọ̀ náà dáadáa ni, ló bá tún un sọ, ó sì gbóhùn sókè sí i. Nígbà tó fi máa di alẹ́, Ìyá Àgbà ti pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ń bi í léèrè bóyá oúnjẹ wa ni kò tẹ́ ọmọ lọ́rùn, àbí ẹnìkan ló fìyà jẹ ẹ́. Àǹtí mi ní kò sí irú rẹ̀, pé orin ìgboro ló ti ba ọmọ náà lẹ́nu jẹ́. Ó pàṣẹ lálẹ́ ọjọ́ náà pé kò gbọdọ̀ gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ náà ju ìwé rẹ̀ sínú àpótí mi, ó ní òun kò nílò rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà títí ó fi wọ ọkọ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú, Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá gbogbo wa sọ.

Èmi ni mo jẹ̀bi. Èmi ni mo sọ fún un pé "já pa" túmọ̀ sí kí ènìyàn rin ìrìn àjò lọ sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ ni mo jẹ̀bi, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ àròkọ yìí. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ní a kò gbọdọ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìgboro fún ẹni tó ń kọ́ Yorùbá, ẹ̀yin ni mo ń bá wí, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ rò pé ẹ ti yanjú ọ̀ràn nígbà tí ẹ bá ti pa orin. Kí àwa ọ̀dọ́ tí a máa ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dáhùn náà má ṣe máa rẹ́rìn-ín, nítorí ẹjọ́ wa ló wúwo jù.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, mo bi olùkọ́ kan léèrè ní kíláàsì bóyá a lè ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀rọ̀ inú orin, nítorí àwọn kan wà láàárín wa tí Yorùbá kì í ṣe èdè abínibí wọn, tó sì jẹ́ pé orin ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ. Olùkọ́ náà ní rárá. Ó ní ọ̀rọ̀ ìgboro ń ba èdè jẹ́, kò sì sí nínú ìlànà ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí pátákó, ó kọ iṣẹ́ ọjọ́ náà sí i: àkànlò èdè. Èkíní tó kọ ni "fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ." Ó tún kọ "na pápá bora," ó sì fi "bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀" tì í.

Mo fẹ́ kí ẹ wo àwọn mẹ́ta yìí dáadáa. Ẹni tó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ sá lọ ni. Ẹni tó na pápá bora sá lọ ni. Ẹni tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ náà sá lọ ni. Kí ni ẹni tó já pa ṣe? Ó sá lọ ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin fún ìwà kan, mẹ́ta ń fún wa ní máàkì nínú ìdánwò, ẹ̀kẹrin ń gba ìbáwí fún wa. Mo dájú pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé ènìyàn fi pápá bora bí aṣọ kì í ṣe olùkọ́, kò sì sọ ọ́ nínú kíláàsì. Ẹnìkan tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ẹni tó ń sá wọ igbó lọ ló sọ ọ́, àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé e délé. Ọjọ́ ló gùn lórí rẹ̀ tó fi di ohun tí à ń kọ sí pátákó. Yorùbá kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ bò fún àwọn àgbà lónìí. Àwọn ọmọdé ìgbà àtijọ́ náà ń fọ ẹnà láàárín ara wọn, tí "mo fẹ́ lọ" á di "mogo fẹgẹ lọgọ" kí àgbà tó wà nítòsí má baà gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ bíba èdè jẹ́ sílẹ̀. Ohun tó ṣe ọmọ àǹtí mi kì í ṣe pé ó mọ "já pa." Ìlàjì rẹ̀ ló mọ̀. Bí a bá fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún un bó ti yẹ, báyìí ni mo rò pé ó yẹ kí a ti ṣe é.

A ó kọ́kọ́ jẹ́ kó rí àwòrán tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. "Já" yìí ni ti okùn tó já, ti ewúrẹ́ tó já mọ́ ọ lọ́wọ́ tó sì kọrí sí ọjà. "Pa" tó tẹ̀lé e ń jẹ́ kí a mọ̀ pé kíá ni, àti pé ẹni náà kò wẹ̀yìn. Lẹ́yìn èyí, a ó sọ ẹni tó ń sọ ọ́ àti ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ló ń sọ ọ́ fún ara wọn bí ọlọ́pàá bá yọ lókèèrè, tàbí bí ìjà bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti mú un lò fún kíkúrò ní Nàìjíríà, nítorí lójú wọn, ìṣẹ́ àti àìríṣẹ́ṣe ni ọlọ́pàá tó ń lé wọn. Kì í ṣe gbogbo ìrìn àjò ni já pa. Ẹni tó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kánádà fún ọ̀sẹ̀ méjì kò já pa. Ẹni tó ta ilẹ̀ àti ọkọ̀ rẹ̀, tó kó ìyàwó àti ọmọ, tí kò sì sọ ọjọ́ tí yóò padà, òun ló já pa.

Ẹ rí i pé ohun kan máa ń wà lẹ́yìn ẹni tó bá já pa. Ìyá Àgbà kò kàwé rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó bi ọmọ náà ló dára jù láti fi dán ọ̀rọ̀ yìí wò: ta ló ń lé ọ? Bí kò bá sí ìdáhùn, ọ̀rọ̀ náà kò bá ibẹ̀ mu. Ọmọ tó ń padà sílé ìyá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ wọlé, kò sẹ́ni tó ń lé e. Ohun tí Màmá gbọ́ ni pé ọmọ-ọmọ òun fẹ́ sá fún òun.

Ìgbésẹ̀ kan kù tí àwa ọ̀dọ́ máa ń fò, òun gan-an ni ìbá sì gba ọmọ náà là. Ó yẹ kí a sọ fún un ohun tí yóò sọ dípò rẹ̀ níwájú àgbà: "Màmá, mo fẹ́ padà sílé lọ́la, mo wá dágbére fún yín." Kò le. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ láti kọ́ ọ. Nínú ìwé kékeré yẹn, ẹ̀gbẹ́ òsì àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ló wà, kò sí ẹ̀gbẹ́ kẹta níbi tí a ó ti kọ ẹni tí a lè sọ ọ́ fún àti ẹni tí a kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún.

Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń kó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ ti ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí ṣáájú wa. Ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Ọ́ksífọ́ọ̀dù ti gba "já pa" wọlé, nínú àfikún tí wọ́n kéde ní oṣù kìíní 2025. Òyìnbó ti jókòó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ wa, àwa sì ń sọ fún ọmọ wa pé kó pa ẹnu mọ́.

Nígbà tí mo ṣí ìwé tó jù sínú àpótí mi, mo rí àṣìṣe mìíràn tí kì í ṣe ti ọ̀rọ̀ ìgboro rárá. Orí fóònù ló ti ń da ọ̀rọ̀ orin kọ, ẹni tó sì tẹ̀ wọ́n síbẹ̀ kò fi àmì ohùn sí ọ̀kan nínú wọn, kò sì fi àmì sábẹ́ lẹ́tà. Gbogbo ibi tó ti rí "owo," owó níná ló kọ síwájú rẹ̀. Ó ti rò pé olórin kan ní owó fún ìyá rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀wọ̀ ni olórin ní òun ní fún un. Níbòmíràn, ọwọ́ ni, níbòmíràn sì rèé, òwò ni. Bó bá gbé "owo" lọ sínú ìwé atúmọ̀ èdè, kò sí ohun tí yóò sọ fún un èyí tó jẹ́ nínú wọn.

Etí ló yẹ kó fi wá àmì ohùn náà, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ níbí. Nínú orin ìbílẹ̀, àti nínú ọ̀pọ̀ orin fújì àti ti jùjú, ohùn orin máa ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá lọ sókè, orin á lọ sókè. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ nínú orin tí wọ́n ti ṣe ìlù àti ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé. Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì túmọ̀ orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá tí wọ́n sì fi ohùn òyìnbó kọ ọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn ń yí padà di nǹkan mìíràn létí àwọn tó ń gbọ́. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó jẹ́ atẹdùùrù ní Kàtídírà Kráìsì ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá ní 1953, ọ̀rọ̀ ohùn yìí sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ orin fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe kọ ọ́ fún un nìkan. Ẹ pe ọ̀rọ̀ náà fún un bí a ṣe ń sọ ọ́, láìkọrin, kí ẹ tó jẹ́ kó padà sínú orin.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nínú ìwé náà tó pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì tún dùn mí. "Orí mi wú." Síwájú rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbéraga. Kì í ṣe èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, òun fúnra rẹ̀ ló rò ó, nítorí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ẹni tí orí rẹ̀ wú ni ẹni tó rò pé kò sí ẹni tó dà bí òun. Ó wá ń ṣe é ní kàyéfì pé olórin ń bú ọlọ́jọ́ ìbí, ọlọ́jọ́ ìbí sì ń fi owó lé olórin níwájú orí.

Báwo ni kò ṣe ní ṣe é ní kàyéfì? Kò sẹ́ni tó sọ fún un ohun tí orí jẹ́ lójú Yorùbá. Orí ni à ń bẹ̀ kó gbè wá, orí ni à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí onílù tàbí olórin bá ki ènìyàn, tó pe àwọn baba rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ara ẹni náà kò ní gbà á mọ́ lórí ìjókòó. Ohun tó ń ṣe é nígbà náà ni wọ́n ń pè ní orí wú. Ìyìn ló wọ̀ ọ́ lára. Àmọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ má tíì pa ìwé rẹ̀ dé, nítorí ẹni tó gba ibi itẹ́ òkú kọjá lóru náà lè ní orí òun wú. Ẹ̀rù ni ìyẹn. Ohun tí àwọn méjèèjì fi jọra ni pé nǹkan kan ba ènìyàn tí ara rẹ̀ sì dáhùn. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló máa sọ èyí tó jẹ́: bí ìlù bá wà níbẹ̀ tí wọ́n sì ń dárúkọ baba ènìyàn, ìyìn ni, bí òkùnkùn bá wà níbẹ̀, ẹ̀rù ni.

Mo mọ ohun tí àwọn òbí yóò sọ. Wọn yóò ní, àwọn ọ̀rọ̀ rírùn ńkọ́? Òótọ́ ni, wọ́n pọ̀ nínú orin òde òní. Ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà lu ènìyàn ní jìbìtì náà wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì fi aṣọ bora tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò gbọ́ èdè náà dáadáa á rò pé oúnjẹ ni wọ́n ń sọ. Níbi ìkómọjáde kan ládùúgbò wa, ọmọ kékeré kan tí kò ju ọdún mẹ́fà lọ dìde kọ irú orin bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn àgbà, ó sì ń fi ọwọ́ júwe rẹ̀. Àwọn àgbà dorí kodò. Ìyá rẹ̀ gbé e wọlé, ó sì nà án. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó nà án fún? Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un rí ni.

Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ tó rùn ló nílò àlàyé jùlọ, àlàyé rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gùn. Fún ọmọ kékeré, ó tó kí a sọ pé, "Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ni èyí, wọ́n fi orúkọ oúnjẹ bò ó ni, a kì í sọ ọ́ nílé." Fún ẹni ọdún mẹ́rìnlá tó ń kọ́ èdè, ó yẹ kí a sọ ohun tó jẹ́ gan-an, kí a sì sọ fún un pé bó bá gbọ́ ọ, kó jẹ́ etí rẹ̀ ni yóò gbọ́ ọ mọ. Yorùbá kò ṣàìmọ bí a ṣe ń fi ààlà sí ọ̀rọ̀. Bí ọmọdé bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà, ṣebí ó máa ń sọ pé, "Tótó, ó ṣe bí òwe," tí àgbà á sì dá a lóhùn pé yóò rí òmíràn pa. Òwe tó dára pàápàá, a ní ọ̀nà tí ọmọdé fi ń tọrọ àyè kó tó sọ ọ́. Kí ló wá dé tí a kò fi lè kọ́ ọmọ pé ọ̀rọ̀ orin náà ní ibi tí a ti ń sọ ọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dán an wò ní kíláàsì, mo ní ìkìlọ̀ kan, ara mi ni mo ti kọ́ ọ. Ẹ má ṣe díbọ́n pé ẹ mọ gbogbo rẹ̀. Olórin mìíràn máa ń dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ó dùn lẹ́nu rẹ̀ nìkan. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà nínú orin kan ṣoṣo, tí ẹ kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni ládùúgbò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ti olórin yẹn ni, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà gbé e lọ sọ́jà. Kí ẹ sì kọ ọdún síwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí ọ̀rọ̀ ìgboro ń gbó kíákíá. Bàbá mi sọ ọ̀kan tí wọ́n ń lò nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga fún mi, mo bú sẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín.

Mo ti la ẹ̀gbẹ́ kẹta sínú ìwé ọmọ àǹtí mi. Mo fi rúlà fa ìlà rẹ̀ ní ojúewé kọ̀ọ̀kan, mo fi àmì ohùn sí gbogbo ohun tó kọ, mo ya fọ́tò wọn, mo sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi dáhùn. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́, ó ní kí n ṣàlàyé rẹ̀, kí n má sì sọ fún ìyá òun.

Nígbà ọdún Kérésìmesì, ó bá Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ó pa á, ó fara balẹ̀, ó ní, "Màmá, ó dàárọ̀ o, mo fẹ́ lọ sùn."

Ìyá Àgbà ní, "O fẹ́ sùn ni, àbí o fẹ́ já pa?"

Àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín títí owó fóònù fi tán.